Ẹ Má Gbé Mi

Ní gbogbo agbègbè Gran Couva ní Trinidad, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pe ìpàdé ńlá, ìbáà jẹ́ ti àgbẹ̀ tàbí ti olùkọ́, Merle Paponette ni wọ́n máa ń bẹ̀ kó wá gba orúkọ àwọn tó ń bọ̀. Kì í ṣe pé kò sí ẹlòmíì tó mọ̀wé kọ níbẹ̀. Ohun tó fà á ni pé bí Merle bá ti gba orúkọ rẹ, tó o bá débẹ̀, wàá rí oúnjẹ tí ara rẹ gbà, wàá rí ibi tó o máa jókòó sí, o ò sì ní máa wá ilé ìyàgbẹ́ kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Obìnrin náà ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ohùn rẹ̀ ròkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ojú kì í sì í tì í láti béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé ọmọ tí kò jẹun kì í sábà sọ ìdí tí kò fi jẹ. Àfi kéèyàn béèrè. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló máa ń wà lábẹ́ orúkọ nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni: kí lo kì í jẹ, báwo lo sì ṣe fẹ́ ká se tìẹ? Èkejì ni: kí ni ká ṣètò, kó o lè ṣe gbogbo ohun tí àwọn yòókù máa ṣe? Kò béèrè àìsàn ẹnikẹ́ni rí. Ó ní àìsàn rẹ kò kan òun, ohun tóun máa ṣe sí i ló kan òun. Bí ìdáhùn bá sì ti dé ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, á gbé fóònù, á máa pe àwọn tó dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, Merle sì lè béèrè ọ̀nà títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹni tó ń fi ọ̀nà hàn án.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó ló pè é. Ìpàdé ọdọọdún wọn bọ́ sáàárín ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kéde ẹni tí kòkó rẹ̀ dára jù lọ́dún náà, ẹni náà á gun pèpéle, á gba ẹ̀bùn, á sì sọ fún gbogbo ayé bó ṣe ṣe é.

Kamla Jaggernauth, alásè tó máa ń bá Merle ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ sáré wá gba iye àwo. Ó wo ìdáhùn tó jáde, ó pàtẹ́wọ́.

“Ah, iṣẹ́ yìí ti tán! Wo gbogbo àwọn tó kọ ọ́ pé àwọn kì í jẹ ẹran. Màá se ẹ̀wà, màá se ọ̀dùnkún, màá fi roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, tì í. Ó parí!”

“Kò tíì parí o,” Merle fèsì. “Ẹran wo ni wọn ò jẹ?”

“Ẹran mélòó ló wà? Àǹtí Merle, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.”

“Lẹ́ńtì la wà, Kamla. Àgùdà tó bá kọ ‘n kò jẹ ẹran’ ń retí ẹja. Bó o bá gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀, á rò pé ìyà lo fi ń jẹ òun. Àwọn ará tiyín tó ń gbààwẹ̀ ńkọ́? Wọ́n máa jẹ ẹja?”

Kamla fọwọ́ bo ẹnu. Híńdù lòun fúnra rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí ìyá òun bá ń gbààwẹ̀, kò ní jẹ ẹja, kò ní jẹ ẹyin, kò tiẹ̀ ní fẹnu kan oúnjẹ tí wọ́n fi ṣíbí ẹja rò. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá rẹ̀ àti ará ṣọ́ọ̀ṣì máa kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ní Trinidad, ẹni méjì lè máa sọ ohun kan náà kí ìkòkò méjì máa hó lọ́kàn wọn.

Merle pe gbogbo wọn. Nígbà tó ṣe tán, kò fún Kamla lórúkọ ẹnikẹ́ni, iye àwo ló fún un àti bí wọ́n ṣe máa sè é. Ti àwọn tó ń retí ẹja wà lọ́tọ̀. Ti àwọn tí kò fẹ́ ẹja, ẹyin àti ẹran á wá láti inú ìkòkò tí nǹkan wọ̀nyí kò wọ̀ rí, ṣíbí tiẹ̀ sì ni wọ́n máa fi bù ú. Adìyẹ tí Mùsùlùmí pa wà fún àwọn Mùsùlùmí, ti àwọn Rasta kò ní iyọ̀ nínú rárá. Ẹnì kan wà tí ọ̀fun rẹ̀ máa ń wú bí ẹ̀pà bá kàn án. Ti ẹni yẹn, Merle ní kí wọ́n kọ́kọ́ sè é kí wọ́n tó ṣí ohunkóhun mìíràn, kí wọ́n dé e pa, kí wọ́n sì gbé e lé òun lọ́wọ́, òun fúnra òun lòun máa gbé e fún un. Orí káàdì tí wọ́n máa so mọ́ ọrùn oníkálùkù, wọ́n á fi ìlà aláwọ̀ kan sí i, alásè á wo àwọ̀ náà, á sì mọ àwo tó kàn. Kò sí ẹni tó máa dúró lórí ìlà kó máa ṣàlàyé ikùn rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Inú Merle dùn. Ó kọrin lọ́jọ́ yẹn títí ó fi délé. Kò mọ̀ pé ìdáhùn kan ṣì ń bọ̀ tó máa gba orin náà lẹ́nu òun.

Ti Eulalie Quamina ni, láti Tabaquite. Ẹgbẹ́ ti fi tó o létí pé kòkó rẹ̀ wà lára méjì tó kù nínú ìdíje. Níbi ìbéèrè kejì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló kọ: Ẹ má gbé mi.

Merle kà á, ó tún un kà. Kò dá a lójú pé ó yé òun, ló bá gbé fóònù.

“Ẹ káàárọ̀ o, Màmá Quamina. Merle Paponette ni, tó ń gba orúkọ fún ẹgbẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé ká má gbé yín.”

“Mo kọ ọ́. Ṣé kò hàn ni?”

“Ó hàn, mà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ ìyókù fún mi ni.”

Obìnrin náà sọ ọ́. Kò pariwo. Igi ló wó lù ú lóko kòkó nígbà kan, láti ìgbà náà ló ti ń fi àga oníkẹ̀kẹ́ rìn. Ìgbà tó lọ sípàdé ẹgbẹ́ kẹ́yìn, wọ́n pè é sórí pèpéle kó wá sọ̀rọ̀ nípa àrùn kòkó. Kó tó ṣí ẹnu, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ti dìde, wọ́n gbá àga rẹ̀ mú, wọ́n gbé e sókè. Yẹ̀rì rẹ̀ há sára táyà, ó ká sókè dé itan. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

“Àtẹ́wọ́, ọmọ mi! Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó gbé mi. Mo gun òkè yẹn bí àpò kòkó, mo sì gbàgbé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lọ mọ́. Wọ́n sì ń sọ kiri pé mò ń bínú nítorí ipò.”

“Lọ́tẹ̀ yìí ńkọ́?”

“Lọ́tẹ̀ yìí, kòkó mi ló pè mí, kì í ṣe wọn. Bí mo bá borí, mo fẹ́ lọ gba ohun tó jẹ́ tèmi bí Sookram tá a jọ kù nínú ìdíje ṣe máa lọ gbà á bó bá jẹ́ òun. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, sọ fún mi nísinsìnyí kí n jókòó sílé mi. N kò fẹ́ kí wọ́n gbé e wá bá mi níbi ẹ̀yìn ilé bí oúnjẹ aláìsàn.”

“Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, Màmá. Ẹ má jókòó sílé. Ẹ máa gùn ún fúnra yín.”

Bó ṣe sọ ọ́ jáde báyìí, àyà rẹ̀ já. Kò tíì wo pèpéle náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú okùn ìwọ̀n lọ sí gbọ̀ngàn. Villafana, alábòójútó ibẹ̀, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín.

“Àǹtí Merle! Àga oníkẹ̀kẹ́ lẹ ń wí? Kò sí wàhálà rárá! A ní ilé ìyàgbẹ́ tiwọn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ dáadáa.”

“Ṣí i kí n rí i.”

Villafana họ orí. Nígbà tó ṣí i, àga tó ṣeé ká ló kún inú rẹ̀ dé àjà, pẹ̀lú páànù ọ̀dà àti ère ọmọ Jésù kan tí wọ́n gbé pamọ́ láti Kérésìmesì.

“Villafana. Ọmọ Jésù ló ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ ni?”

“Màá kó wọn jáde, mà. Kó tó di ọ̀la.”

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Merle jókòó lórí àga kan níbẹ̀ títí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ tán lójú rẹ̀. Ó wọn ẹnu ọ̀nà náà, ó wọn àyè tí àga lè fi yí po nínú rẹ̀, ó gbọn ọ̀pá tí wọ́n fi ń di mú lára ògiri bóyá ó le. Ìyẹn dára. Lẹ́yìn náà ló wá wọn pèpéle.

Pèpéle náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀. Bí wọ́n bá máa fi pákó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹni tó ń fi ọwọ́ yí táyà ara rẹ̀ lè gùn, ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga ń fẹ́ méjìlá ní gígùn. Merle ṣírò rẹ̀, ó sì wo iwájú. Ọ̀nà náà máa gba àárín gbọ̀ngàn kọjá, yóò sì wọ inú ìkòkò Kamla lọ. Kò sí àyè.

Ó lọ bá alága ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Cuthbert Lezama. Ọkùnrin gíga ni, ó máa ń dé fìlà koríko, kò sì níwà ìkà. Àṣejù oore ni ìṣòro tirẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká fi pèpéle sílẹ̀ lọ́dún yìí,” Merle wí. “Ká kan pákó pẹrẹsẹ kan sílẹ̀, kó ga díẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ríran. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kúrú máa tó o. Gbogbo ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni kó ti sọ ọ́.”

“Kí n jókòó sílẹ̀? Pẹ̀lú àwọn àlejò wa, àwọn ayàwòrán, gbogbo òdòdó tá a ti sanwó fún? Àǹtí Merle, nítorí ẹnì kan! Àwọn ọmọkùnrin wa lágbára. A ó gbé Màmá Eulalie bí ẹyin.”

“Ó ní ká má gbé òun.”

“Ọ̀rọ̀ ìtìjú lásán nìyẹn. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n ran òun lọ́wọ́?”

“Ẹni tí wọn kò bi léèrè.”

Lezama mí kanlẹ̀. Ó ní káfíńtà òun á kan pákó kan tó máa lọ tààrà sórí pèpéle náà, kó kúrú, kó má gba àyè, gbogbo ẹni á sì láyọ̀. Merle sọ fún un pé pákó bẹ́ẹ̀ á dà bí ògiri. Ọkùnrin náà ní obìnrin kò mọ̀ nípa pákó. Merle rẹ́rìn-ín, ó ní kó dára, kí káfíńtà kàn án, ṣùgbọ́n kí wọ́n dán an wò kó tó di ọjọ́ ìpàdé.

Ó yá àga oníkẹ̀kẹ́ kan nílé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò, àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ń to àga nínú gbọ̀ngàn, Kamla náà sì wá wo ibi tó máa to àwo sí. Merle fẹ́ jókòó sínú àga náà fúnra rẹ̀, Lezama ní rárá.

“Èmi ni mo ní kí wọ́n kàn án. Èmi ni màá gùn ún. Ẹ wò mí.”

Ó jókòó, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí táyà. Merle dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Alága yí táyà lẹ́ẹ̀kan, ó gùn. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, táyà kékeré tó wà níwájú gbéra kúrò lórí pákó, ó ń wo òkè àjà.

“Yéè!” Lezama kígbe. Merle ti di àga náà mú, kò jẹ́ kó ṣubú.

Ṣùgbọ́n igbe yẹn ló ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń to àga fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sáré dé. Bí àṣà wa ṣe rí nìyẹn, kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan. Ọ̀kan di táyà mú, ọ̀kan di ẹsẹ̀ alága mú, méjì gbá ẹ̀yìn àga. Ó di hóò! Wọ́n gbé e sókè. Fìlà koríko bọ́ sílẹ̀, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́. Ṣòkòtò alága fà sókè, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tó ti lu hàn sí gbogbo ayé.

“Ẹ gbé mi sílẹ̀! Ẹ gbé mi sílẹ̀, mo ní! Ta ló rán yín níṣẹ́? Ẹ ò lè béèrè ni?”

“A ń ràn yín lọ́wọ́ ni, Alága!”

“N kò fẹ́! Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!”

Wọ́n gbé e dé orí pèpéle kí wọ́n tó gbọ́. Kamla pàtẹ́wọ́, tìfẹ́tìfẹ́, nítorí pé ó rò pé eré ni. Lezama wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà ló wo Merle, tí kò rẹ́rìn-ín, tó kàn bẹ̀rẹ̀ mú fìlà alága tó ti wó, tó ń gbọn eruku ara rẹ̀ nù.

Alága dìde nínú àga náà. Ó sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Kamla pàtẹ́wọ́ fún mi,” ó sọ fún Merle, jẹ́jẹ́.

“Mo gbọ́, sà.”

“Èmi náà pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Màmá Eulalie. Ọwọ́ mi ló dún jù.” Ó gba fìlà rẹ̀. “Ẹ pe káfíńtà. Ẹ sọ fún un pé kó kan ti ilẹ̀ yẹn, bẹ́ ẹ ṣe wí. Ẹ gbé àwọn òdòdó náà sọ̀kalẹ̀ sílẹ̀.”

Pákó pẹrẹsẹ náà kò ga ju ìdajì ẹsẹ̀ bàtà lọ, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ kò sì gùn ju kí èèyàn gíga kan dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ lọ. Wọ́n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí táyà má baà yọ̀. Merle jókòó nínú àga, ó gùn ún, ó yí po lókè, ó sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n fa gbohùngbohùn wálẹ̀ dé ẹnu ẹni tó jókòó. Ó yọ àga kan kúrò nínú ìlà iwájú, kì í ṣe ní eteetí, kí Màmá Quamina lè wà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tún pe gbogbo àwọn ọ̀dọ́ náà jọ.

“Bí ẹ bá rí i tó ń gùn ún, kí lẹ máa ṣe?”

“A máa... jókòó?”

“Ẹ máa jókòó. Bó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ó lẹ́nu.”

Lọ́jọ́ ìpàdé, oúnjẹ lọ létòlétò lọ́wọ́ Kamla kí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn tó kàn, bí wọ́n ṣe jẹ oúnjẹ àárọ̀ nìyẹn. Àwọn Àgùdà rí búrẹ́dì àti ẹja oníyọ̀ wọn, àwọn tó ń gbààwẹ̀ wo ìkòkò tiwọn, wọ́n jẹ, ara wọn balẹ̀. Eulalie Quamina dé pẹ̀lú fìlà elésè àlùkò, ó bọ Merle lọ́wọ́, kò sọ ju “ìwọ nìyẹn” lọ. Ṣùgbọ́n ó wo pákó náà fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí Lezama ka orúkọ ẹni tó borí, Sookram ló kọ́kọ́ fò dìde pàtẹ́wọ́ fún Màmá Quamina, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló borí.

Eulalie yí táyà. Ó dé ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó gùn ún. Ní ìdajì ọ̀nà, ó dúró. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó. Merle rí i tí ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ti gbé ìdí díẹ̀ lórí àga, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fà á jókòó. Ọwọ́ Merle fúnra rẹ̀ ń yún un. Ó di ọwọ́ náà mú pẹ̀lú ìkejì. Eulalie tún yẹ̀rì rẹ̀ ṣe, kò kánjú, ó tẹ́ ẹ dáadáa lórí itan rẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe pẹ̀lú. Ó sì gun ìyókù.

Ó gba ẹ̀bùn, ó sì fa gbohùngbohùn mọ́ra. Ó sọ bó ṣe ń bo kòkó pẹ̀lú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, bó ṣe ń yí i padà, bó ṣe ń mọ̀ ọ́n nípa òórùn pé ó ti tó sá. Ó sọ nípa àrùn kòkó, ọ̀rọ̀ tó gbàgbé lọ́jọ́sí, kò sì gbàgbé ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó dárúkọ ẹ̀ka igi tó yẹ kí wọ́n gé, ó dárúkọ àwọn àgbẹ̀ tí kò gé e, wọ́n jókòó níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀. Kamla yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ fi han Merle pé oúnjẹ ọ̀sán ń tutù. Merle wo Lezama. Lezama wúkọ́.

“Màmá Eulalie,” ó wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, “ó ti tó, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ wàyí.”

Eulalie Quamina yíjú sí i. Ó wo alága, ó wo àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níwájú, ó wo gbogbo gbọ̀ngàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé táyà rẹ̀, ó sì ti ìjánu àga náà kó má lè yí mọ́.

“Ta ni yóò gbé mi sọ̀kalẹ̀?” ó béèrè nínú gbohùngbohùn.

Kò sí ẹni tó mira. Merle ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Eulalie ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.